Owó oṣù tí kì í pé oṣù

"Ẹ̀yin ará, owó oṣù mi kì í kọjá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí ni kí n ṣe?"

Ohun tó ṣe àbúrò mi kan l'Óṣogbo níbí nìyẹn. ₦80,000 wọlé, ó sì ra aṣọ ẹbí ₦25,000 lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejìlá, ₦1,300 ló kù. Ó ń bú aṣọ ẹbí. Mo ní kó ṣí fóònù, ká ka àlẹ́ẹ̀tì báńkì. Àṣé súyà, dátà àti ọ̀kadà ló kó èyí tó pọ̀ jù jẹ: ₦1,500 níbí, ₦800 lọ́hùn-ún, ìgbà 47! Ká má parọ́, mo rẹ́rìn-ín.

Lóṣù kejì, kó tó ná kọ́bọ̀, ó yọ owó ilé ₦12,000, ó ra oúnjẹ ₦24,000 l'Ọ́jà Ọba, ó tọ́jú ₦8,000. Ó pín ₦36,000 tó kù sọ́nà mẹ́rin, ó gbé e sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì, ó ń yọ ₦9,000 láràárọ̀ Mọ́ńdè. Àṣìṣe kan ló ṣe: Mọ́ńdè márùn-ún ló wà lóṣù yẹn. Gààrí ló fi parí ẹ̀. Ní báyìí, ó ń ka Mọ́ńdè kó tó pín in. Tó bá jẹ́ márùn-ún, ₦7,200 ló ń yọ.