Ìdí tí gbèsè owó oṣù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í fi í dín kù bí ẹ tilẹ̀ ń san déédéé

"Akápò wa, ẹ kú iṣẹ́. Mánṣẹ́sítà ni mo wà. N kò san owó oṣù kìíní, ìkejì àti ìkẹta lọ́dún yìí torí n kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń san ₦10,000 lóṣooṣù, ọjọ́ keje ni mo sì ń san án. Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù kẹsàn-án yìí ní mo jẹ ₦40,500. Báwo ni ₦30,000 ṣe di iye yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò o. Mo ti wo ìwé yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá yín lóhùn. Iye yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó là á yé yín láti oṣù kẹrin, torí èyí tó ju ìdajì owó ìtanràn inú rẹ̀ lọ ni kì bá tí dé ọrùn yín tí ẹ bá ti mọ bí a ṣe ń kọ owó tó bá wọlé.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Nígbà tí ₦10,000 yín dé lọ́jọ́ keje oṣù kẹrin, ẹ̀yin gbà pé ẹ ti san ti oṣù kẹrin. Nínú ìwé ẹgbẹ́, ti oṣù kìíní ni ẹ san. Òfin wa ni pé gbèsè tó bá pẹ́ jù lọ ni owó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa. Owó tí ẹ san lóṣù karùn-ún pa ti oṣù kejì, ti oṣù kẹfà pa ti oṣù kẹta. Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ni gbèsè náà parí sí, àmọ́ ní gbogbo àkókò yẹn ti oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà fúnra wọn ti wà nílẹ̀. Ẹ ń san oṣù kan, oṣù tuntun kan ń wọlé, mẹ́ta kò sì yé ṣẹ́ kù lẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé ó lè jọ pé a le koko. Nígbà kan rí, ẹni tó fẹ́ yá owó á san ti oṣù tó wà lójú, á fi gbèsè àtijọ́ sílẹ̀, á sì máa pe ara rẹ̀ ní ẹni tí kò jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀, owó oṣù yìí kan náà la fi ń yá ara wa. Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tó ń mú tirẹ̀ wá láti ọjà lóṣooṣù, òun ló ń dúró de owó nígbà tí tẹlòmíì kò bá wọlé. Ìpàdé gbogboogbò ló fi ọwọ́ sí òfin náà, kì í ṣe èmi.

Ní ti owó ìtanràn, ọjọ́ keje ni owó oṣù kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó wọlé; láti ọjọ́ náà, oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá pé géérégé tí owó kan fi pẹ́, a ó fi ₦500 lé e, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ₦10,000. Owó oṣù nìkan ni a ń ka ìtanràn lé lórí, ìtanràn kì í bí ìtanràn. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ń kọ ọ́ sí, òun ni a sì ń gbà kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wá ka tiyín. Lọ́jọ́ keje oṣù kejì, owó oṣù kìíní ti pẹ́ oṣù kan, ₦500. Nígbà tó di ọjọ́ keje oṣù kẹta, méjì ló wà nílẹ̀, ₦1,000 tún gorí rẹ̀. Lọ́jọ́ keje oṣù kẹrin, wọ́n ti di mẹ́ta, ₦1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ dé ọjọ́ yẹn jẹ́ ₦3,000. Láti oṣù karùn-ún dé ìkẹsàn-án, oṣù mẹ́ta wà nílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ keje, nítorí náà ₦1,500 ń wọlé lẹ́ẹ̀márùn-ún, ₦7,500 nìyẹn. Àròpọ̀ ìtanràn jẹ́ ₦10,500. Ẹ wá fi owó oṣù keje, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án tí a kò tíì san kún un, ₦30,000, ó di ₦40,500.

Ká ní lọ́jọ́ keje oṣù kẹrin yẹn ẹ san ₦43,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Bí ìyẹn bá sì ṣòro, ₦20,000 lóṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ì bá ti tán gbèsè owó oṣù, ìtanràn kì bá sì ju ₦4,500 lọ. Ìlọ́po méjì fún oṣù mẹ́ta péré ni.

Ọ̀ràn ọjọ́ náà tún wà, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ará wa lókè òkun kì í kíyè sí. Ọjọ́ tí owó bá wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ ni a ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọjọ́ keje ni tiyín ń dé, ọjọ́ náà gan-an sì ni oṣù ń pé. Ká ní ọjọ́ kẹfà ló ń wọlé ni, oṣù méjì ni gbèsè kọ̀ọ̀kan ì bá ti pẹ́ dípò mẹ́ta, ₦3,000 ì bá sì ti dín nínú ìtanràn yín dòní. Tí ẹ bá rán owó lọ́jọ́ Ẹtì, ó lè di ọjọ́ Ajé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ti ara rẹ̀ wò lórí Excel, kí ó kọ ọjọ́ tó yẹ kí ó san sí A2, ọjọ́ tí owó wọlé sí B2, kí ó sì tẹ èyí sí C2:

```
=10000*5%*DATEDIF(A2,B2,"m")
```

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra níbí. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Bí ẹ bá kọ 07/01 àti 07/04, ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹrin oṣù keje ló máa kà wọ́n sí, á sì mú 0 wá dípò 1500. Ẹnì kan ti fi irú 0 bẹ́ẹ̀ bá mi jà rí, pẹ̀lú òtítọ́ inú, ó gbà pé a fẹ́ jẹ òun níyà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lè kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ pé ẹ kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ìpàdé gbogboogbò lè dín ìtanràn kù. Owó oṣù fúnra rẹ̀ kò ṣeé dín, èmi náà kò sì lágbára láti pa ohunkóhun rẹ́ nínú ìwé. Àmọ́ ẹ má dúró de èsì lẹ́tà kí ẹ tó san. Bí ₦30,000 bá wọlé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, ó pẹ́ tán, kọ́bọ̀ kan kò ní gorí ₦10,500 yẹn mọ́, tí ti oṣù kẹwàá náà bá ti wọlé lásìkò. Ẹ kọ orúkọ yín sí i bó ṣe wà nínú ìwé ẹgbẹ́, kódà bí àbúrò yín ní Lafẹ́nwá ló bá yín san án. Kí ẹ sì fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, n ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.