Bàbá mi ló ṣẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n wá pòwe

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni wá. Ó ti tó ọdún 9 tí bàbá mi àti àbúrò wọn ò ti kí ara wọn mọ́ torí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Bàbá mi ló lọ mú ọlọ́pàá wá, wọ́n ti àbúrò wọn mọ́ tẹ́ṣàn, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, kí ẹbí tó fà á kúrò níbẹ̀. Inú ìjà yẹn náà ni ọmọbìnrin àbúrò bàbá mi yìí bímọ tí ọmọ náà ò dúró, ẹnì kankan nílé wa ò lọ kí i. Olórí ẹbí ti wá ní ká pàdé ní Sátidé, èmi ni wọ́n ní kí n bẹ̀bẹ̀ lórúkọ ilé wa. Mo ti kó òwe bíi 20 sórí fóònù, àwọn tó wù mí jù ni "bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré" àti "omi ló dànù, agbè ò fọ́." Èwo ni kí n kọ́kọ́ pa?

Àbúrò mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Òwe 20 ti pọ̀ jù, ẹni tó bá ń pa òwe lé òwe níwájú àgbà ẹbí, wọ́n á ní eré ló wá ṣe. Méjì tó ẹ, mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ dáadáa. Àwọn méjì tó o fẹ́ràn jù yẹn gan-an ni kò sì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ẹ lọ́jọ́ náà.

Ká mú ti omi àti agbè yẹn kọ́kọ́ sọ, torí òun ló bà mí lẹ́rù nígbà tí mo ka lẹ́tà ẹ. Mo mọ ohun tó o rò, o rò pé ó túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́ lóòótọ́ àmọ́ kò tíì bàjẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ìyá tọ́mọ ẹ̀ kú ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Omi yẹn, ọmọ tó lọ ni, agbè yẹn, ìyá ọmọ ni, pé bí ìyá bá ṣì wà, á tún lóyún, á tún bí. Gbogbo àgbà tó bá jókòó sí pálọ̀ yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wá wò ó ná, ọmọ bàbá ẹ kékeré máa jókòó síbẹ̀, òun tí ẹ ò lọ kí nígbà tó ń sunkún, ìwọ á wá dìde dúró láàárín èrò, o máa fi ọ̀rọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ fi tù ú nínú nígbà náà pòwe lórí ilé àti ilẹ̀. Ó lè dìde kó jáde, tó bá sì jáde, ìyá ẹ̀ á tẹ̀ lé e, ìpàdé ti parí nìyẹn.

Ti ọ̀rọ̀ àná, òwe tó dáa ni o, kò sí ìpàdé ìlàjà tí wọn ò ti ń pa á. Kì í kàn ṣe tìẹ ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fiyè sí rárá nìyí, pé òwe ìdáríjì ní ẹni tó ni ín. Tí bàbá ẹ kékeré bá mí kanlẹ̀ tó ní "ó dáa, bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré", ó ti dárí jì yín nìyẹn, gbogbo ilé á ṣàmín. Tó bá jẹ́ ìwọ ọmọ ẹni tó mú ọlọ́pàá wá lo sọ ọ́, àṣẹ lo pa, ò ń sọ fún ẹni tí wọ́n tì mọ́ tẹ́ṣàn pé kó gbàgbé. Ìyàwó ilé kan á wà ní kọ̀rọ̀ tó máa fi ẹnu kùn dá ẹ lóhùn pé "ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé", mo ti gbọ́ ọ rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sí èsì tó o lè fọ̀ tó máa dùn.

Ìjẹ̀ṣà sì tún ni wá, ẹ̀jẹ̀ Òṣómàáló ló wà lára wa. Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba wa tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri, tí wọ́n bá dé ilé onígbèsè, wọ́n á lóṣòó síbẹ̀, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó fi máa jáde. Bàbá ẹ kékeré ti lóṣòó sídìí ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún 9, kì í sì í ṣe owó ló ń dúró dè, ẹnu bàbá ẹ ló ń dúró dè pé kó sọ pé "mo jẹ̀bi." Tí gbèsè yẹn ò bá tíì jáde, kò sí òwe tó máa gbé e dìde.

Torí náà kí o tó ronú òwe kankan, lọ bá bàbá ẹ. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò, kò sẹ́ni tó ń retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí wọ́n sì dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe. "Tí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú" yẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, "tí" yẹn ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. "Ọlọ́pàá tí mo mú wá, kò yẹ kí n mú wọn wá, mo jẹ̀bi", ó tán. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ọ́ ni ìwọ ọmọ wọn á wá fi àyà lélẹ̀ nípò wọn. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ onífẹ̀gbẹ́kan o, kí àyà kanlẹ̀, torí ohun tí bàbá ò lè fi ara ṣe ni ọmọ ń bá a ṣe yẹn.

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni wàá ti sọ̀rọ̀, báyìí ni mo ṣe rò ó:

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ìyàwó ilé, ọmọ osú, mo kí yín o. Bàbá mi kékeré, ẹ̀yin ni mo dọ̀bálẹ̀ fún. Ọlọ́pàá tó wá mú yín lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá, bàbá mi ti fẹnu ara wọn sọ ọ́, èmi náà ń tún un sọ. Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà, ẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Àwa ti pẹ́ ká tó kúnlẹ̀ rárá, ìyẹn gan-an tún jẹ́ ẹ̀bi míì. Ọmọ yín ni mo jẹ́, bí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tòsì fà mí mọ́ra."

Wàá dákẹ́. Má fi nǹkan kan kún un. Tótó yẹn, má gbàgbé ẹ̀ o, ọmọdé kì í pòwe níwájú àgbà láìtọrọ gáfárà, wọ́n á sì dá ẹ lóhùn pé "wàá rí òmíì pa." Tí o bá gbọ́ ìyẹn, etí wọn wà lọ́dọ̀ ẹ. Tí o ò bá gbọ́ ọ, tí gbogbo ilé kàn dákẹ́, fo òwe tó kù, kí o kàn máa bẹ̀bẹ̀ lọ́rọ̀ lásán.

Wàá rí i pé òwe méjèèjì tí mo fún ẹ, ara yín ni wọ́n ń dá lẹ́bi, ọ̀kan ní ẹ jẹ̀bi, èkejì ní kí wọ́n bá ọ wí kí wọ́n tó fà ọ́ mọ́ra. Òwe kẹta ni "àgbà tí ò bínú lọmọ ẹ̀ ń pọ̀", àmọ́ ìyẹn dúró títí bàbá ẹ kékeré fi máa ní kí o dìde. Tí o bá pa á kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, ó ti dà bíi pé ò ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe àgbà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ní kí o dìde, ọpẹ́ ló jẹ́.

Àwọn tó kù, fi sílẹ̀ fún olórí ẹbí. "Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọ́n á sì parí ẹ̀", "ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń ṣubú, ká má tìí wí fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì", ẹni tó wà láàárín ló ni wọ́n, torí kò sí níhà ẹnì kankan. Tí ẹnì kan níhà ọ̀hún bá wá ju "a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́" sílẹ̀, ẹnì kan á sọ ọ́ dájúdájú, má dáhùn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Jẹ́ kó balẹ̀, olórí ẹbí á bá ẹ gbé e.

Tí obì bá jáde, obì àbàtà ni kí ẹ rà, olójú mẹ́rin, kì í ṣe gbànja, gbànja ò ṣe é fi ṣe irú ètò yìí. Tí ìdílé yín bá jẹ́ àwọn onígbàgbọ́ tí ò fẹ́ obì, omi tútù àti oyin tó, ẹnì kan á kàn sọ pé a kì í bá omi ṣọ̀tá, ẹ ó gbàdúrà. Èyí tó yẹ kí o máa fojú ṣọ́ ni àbúrò bàbá ẹ fúnra wọn. "Mo ti gbọ́" kì í ṣe "mo ti gbà." Àgbà lè ní òun ti gbọ́ kó sì gbé ìjà ẹ̀ délé padà. Àmọ́ tí wọ́n bá gba awẹ́ obì lọ́wọ́ bàbá ẹ tí wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀, tí wọn ò fi sápò, tàbí tí wọ́n dúró jẹ iyán dípò kí wọ́n ní àwọn ń kánjú, ọ̀rọ̀ ti ń tán nínú wọn. Tí wọ́n bá fi sápò, má fipá mú wọn, ẹ tún lọ kí wọn nílé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ó ku ọmọ wọn obìnrin yẹn. Ti ẹ̀ ò wọ inú ìpàdé Sátidé rárá, ẹjọ́ ilé kọ́. Kí ìwọ àti ìyá ẹ lọ bá a nílé ẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ìyá ẹ ṣáájú torí obìnrin ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́ nígbà náà, ẹ ò wá, kò sì dáa. Má pòwe kankan níbẹ̀. Tó bá lé yín jáde, ẹ lọ, kí ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí mọ̀ kó tó di Sátidé, kó má baà fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ.