Ẹ̀wà nínú ọ̀rá méjì: òwò fún ẹni tí kò mọ ìgbà tí wọn yóò pè é síbi iṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Kúbwá. Ọ̀sẹ̀ yìí òru ni mò ń ṣe, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó lè di àárọ̀, wọ́n sì máa ń pè mí lọ́jọ́ ìsinmi. Mo ta sóbò wò, ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. ₦500,000 ni mo ní nílẹ̀. Kí ni mo lè fi ṣe tí kò ní máa wá mi lójoojúmọ́? Tíṣà ìjọba ni ọkọ mi, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Ẹ má wá ohun tí yóò máa bàjẹ́ tí ẹ bá sùn. Ibi tí ẹ wà yẹn, ohun tó bá ìgbà yín mu jù ni kí ẹ ra ẹ̀wà nígbà ìkórè, kí ẹ dì í pa, kí ẹ tà á nígbà tó bá wọ́n. Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ríra, ọjọ́ mélòó kan nígbà títà. Láàárín méjèèjì, ẹ̀wà náà wà níbi tí ẹ gbé e sí, yálà òru ni ẹ ń ṣe tàbí ọ̀sán.

Láti òpin oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kejìlá ni ẹ̀wà tuntun ń wọ ọjà lókè Ọya. Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ ló sábà máa ń gbówó lórí, nítorí tọdún tó kọjá ti ń tán, tuntun kò sì tíì jáde. Fún ìwọ̀n owó yín, ẹ má dààmú dé Dáwánàú ní Kánò; owó ọkọ̀ yóò jẹ èrè yín. Ọjà Dèídèí tàbí Gwágwáládá tó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀wà náà lórí òṣùwọ̀n. Àpò tí wọ́n rán lórí títí ó fi wú kì í ṣe ìwọ̀n kan náà lọ́dọ̀ gbogbo olùtà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ àpò, kì í ṣe lórí rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ dúdú. Tí ẹ bá rí ihò róbótó lára ẹ̀wà, kòkòrò ti jáde nínú rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá rí àmì funfun kékeré tó lẹ̀ mọ́ èèpo bí ẹni kán àtíkè sí i, ẹyin ni. Díẹ̀ kò ṣeé sá fún, torí àtinú oko ni kòkòrò náà ti ń yé e sórí ẹ̀wà. Ihò tó pọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ohun tó ń pa òwò yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni àpò lásán. Láàárín oṣù mélòó kan, ẹyin wọ̀nyẹn á di kòkòrò, kòkòrò á tún yé ẹyin, ẹ̀wà á di ìyẹ̀fun. Ìbẹ̀rù èyí ló ń mú àwọn kan da Sínáípà sí i, májèlé tí NAFDAC ti kìlọ̀ gidigidi pé kò gbọ́dọ̀ dé ara oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì ni yín, mi ò ní sọ ohun tí ó ń ṣe lára.

Àpò tí wọ́n tẹ PICS sí lára ni kí ẹ rà. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun kan sì wà lóde. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀wà yóò fa ọ́síjìn inú ọ̀rá náà títí yóò fi dín kù gan-an. Wọn á dẹ́kun jíjẹ, ara wọn kò ní lè ṣe omi tí wọ́n nílò, òǹgbẹ á sì pa wọ́n. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ẹ mú oníkílò 50 dípò oníkílò 100, kí èèyàn méjì lè gbé e, kí ó má sì jẹ́ pé ẹ̀wà tó pọ̀ ni afẹ́fẹ́ wọlé bá nígbà tí ẹ bá tú ọ̀kan.

Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ ná. Ẹ da á sínú ìgò gbígbẹ títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ mélòó kan sí i, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún sá ẹ̀wà náà sí oòrùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó dì í. Ẹ̀wà tí kò gbẹ á bu nínú ọ̀rá, òórùn rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún yín nígbà tí ẹ bá tú u.

Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní ẹnu, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń jò, ẹ má lò ó. Ẹ ki ọ̀kan bọ inú èkejì, àwọn méjèèjì sínú àpò híhun. Bí ẹ ṣe ń da ẹ̀wà sí i, ẹ máa mì í kí ó jókòó, kí ẹ fi bí ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́nu. Ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá inú, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi okùn dì í le. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá kejì, kí ẹ tó di àpò òde. Ìdì kọ̀ọ̀kan dá dúró. Àwọn tó ń fi okùn kan di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń bá kòkòrò nínú rẹ̀. Orí pákó ni kí ẹ tò wọ́n sí, kí ó jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì máa wo ara wọn fún eku ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ má tú wọn wò.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò. Ká ní kílò 100 jẹ́ ₦85,000, tí ẹ ra márùn-ún: ₦425,000. Àpò mẹ́wàá ní ₦1,500 jẹ́ ₦15,000. Ọkọ̀ àti alábàárù ₦20,000. Gbogbo rẹ̀ ₦460,000, ìyẹn ₦92,000 lórí kílò 100 kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ₦92,000 yìí sára ògiri, torí tí ẹ bá tà á sísàlẹ̀ rẹ̀, àdánù ni. Bí kílò 100 bá di ₦115,000 lẹ́yìn oṣù méje, èrè lórí márààrún náà yóò jẹ́ ₦115,000 bákan náà, bí ₦16,400 lóṣù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gba oorun yín.

Iye owó lè já. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ọkà kan, tí ẹ̀wà wà nínú wọn, lè wọlé láìsan owó ibodè fún 150 ọjọ́. Nígbà tó di 2025, owó ọkà ti já lọ́jà, àwọn tó ra wọ́n nígbà tó wọ́n sì ta àdánù. Bí tiyín bá já sí ₦75,000, ₦85,000 ló lọ. Nítorí náà, ẹ má fi owó yíyá elélèé ṣe é, kí ẹ sì ta ìdajì nígbà tó bá ti kọjá ₦92,000 dáadáa, kí ìyókù máa dúró. Títà ní múdù mówó wọlé ju títà ní odidi àpò lọ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í; títà ní odidi àpò fún ìyálọ́jà tàbí olóúnjẹ ló bá ṣíìfù yín mu.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ló kù. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin 1999 kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láyè láti lọ́wọ́ nínú ìṣàkóso òwò ara ẹni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀. Ríra ẹ̀wà láti tún un tà, òwò ni. Kí òwò náà wà lórúkọ yín àti lọ́wọ́ yín. Tí ó bá fẹ́ ṣe nǹkan tirẹ̀, kí ó gba ilẹ̀ díẹ̀, kí ó gbin ẹ̀wà, èyí tó bá sì kó nínú oko rẹ̀, ẹ lè dì í sínú irú àpò kan náà.