Lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé nípa ọmọ tó ṣàìsàn

“Ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde, ó ti pa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ nílé-ìwé. Kí ni kí n kọ sí ọ̀gá wọn?”

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀, ọjọ́ tó ti kúrò àti ọjọ́ tó máa padà ni kó ṣíwájú. Lẹ́yìn náà: “Ìrora eegun ló mú un, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, ẹ̀dà ìwé dókítà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.” Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ni kí ẹ kọ dáadáa; ọ̀pọ̀ òbí kì í dé ibẹ̀. Ẹ dárúkọ ìdánwò tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é fún un lọ́tọ̀, kí òdo má baà wọ inú máàkì rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó máa mu omi ní kíláàsì, kó sì máa jáde lọ tọ̀ nígbàkúùgbà, torí kíndìnrín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè dá omi dúró dáadáa. Kí wọ́n má fi í sínú òjò tàbí eré sísá tó le. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí àyà ń dùn ún, kí wọ́n pè yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí ilé-ìwé bá parí.