"Aiya" kì í ṣe "aya": ohun tí ojú mi rí nídìí àtúnṣe

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé Yorùbá àtijọ́ kan ni mò ń dà kọ sórí kọ̀ǹpútà láti inú àwòrán ojú ìwé. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ bá mi kà á, èmi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú ìwé kan ṣoṣo mo bá 'euia', mo bá 'aiye', mo tún bá 'nwọn'. Ṣé kí n tún wọn kọ bó ṣe yẹ ni, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ bí mo ṣe bá wọn?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi ti fọwọ́ kàn án rí, oṣù mẹ́rin ni mo sì fi tún ohun tí mo bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan ṣe.

Ìwé tèmi jẹ́ ojú ìwé 184. Ẹ̀rọ ò rí i kà rárá, ọwọ́ ni mo fi tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi, ọ̀mọ̀wé ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ, sọ fún mi pé kí n "fọ̀ ọ́ mọ́". Gbogbo ìtọ́ni tó fún mi nìyẹn. Fọ̀ ọ́ mọ́, bí ẹni gbé aṣọ fún alágbàfọ̀! Èmi náà ò sì bi í léèrè pé ìdọ̀tí wo ló ń wí.

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, ojú mi ò gba "aiye" tó kún ibẹ̀. A ò kúkú kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Mo ní ta ló fẹ́ máa pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan? Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀, mo tẹ "aiy", mo ní kó fi "ay" rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Mo tọ́jú fáìlì náà sórí ti tẹ́lẹ̀, mo lọ sùn.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo wá ń ka ibì kan tí ọkùnrin kan ti gbọ́ ìró lóru. Òǹkọ̀wé kọ ọ́ pé "Aiya rẹ̀ si ja." Àyà ló ń wí, àyà tó já nítorí ẹ̀rù. Ohun tó wà nínú fáìlì mi ni "Aya rẹ̀ si ja." Ìyàwó rẹ̀ já! Níbo ló so ó mọ́ tẹ́lẹ̀ tó fi já? Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dá mọ́ mi lẹ́nu nígbà tí mo ṣí ojú ìwé kejì, tí mo rí "O fi ọwọ le aya, o si joko." Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó yé èèyàn dáadáa, ọkọ gbé ọwọ́ lé ìyàwó rẹ̀, ó jókòó. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà nìkan ló wà nínú ilé, àyà ara rẹ̀ ló gbé ọwọ́ lé. Kò sí òǹkàwé tó máa fura sí i láé. Irú àṣìṣe tí kò jọ àṣìṣe yìí ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù.

Ẹ wo ohun tó fà á. Àwọn tó ń kọ̀wé nígbà yẹn kì í sábà fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Àmọ́ "aiya" ni wọ́n ń kọ fún àyà, "aya" ni wọ́n ń kọ fún ìyàwó. Lẹ́tà "i" kékeré yẹn ló dúró láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àkọtọ́ tiwa yọ "i" kúrò, ó sì fi àmì ohùn dípò rẹ̀: àyà, aya. Èmi yọ "i", mi ò fi àmì kankan sí i. Mi ò tẹ̀ lé àkọtọ́ àtijọ́, mi ò sì tẹ̀ lé tuntun. Èyí tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi ni mo fi kọ ìwé oníwèé.

Ẹ ó sọ pé kí n dá a padà. Báwo? Tí mo bá ní kí ẹ̀rọ sọ gbogbo "aya" di "aiya", àwọn ìyàwó tòótọ́ tó wà nínú ìwé náà á di àyà. Kò sí ẹ̀dà tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Mo ní láti wá gbogbo "aya" tó wà níbẹ̀, kí n ṣí àwòrán ojú ìwé rẹ̀, kí n fi ojú wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní 200. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀mọ̀wé wa, ó ní, "Ṣé o kì í ka ohun tí o bá kọ ni?" Ẹni tó ní kí n fọ̀ ọ́ mọ́! Ẹlòmíì tó tún yẹ iṣẹ́ náà wò ní òun ò fẹ́ àtúnṣe kankan, bó ṣe wà nínú àwòrán gẹ́lẹ́ lòun fẹ́ ẹ, títí dórí àṣìtẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì bá ara wọn sọ ọ́ títí di òní. Torí náà, kí ẹ tó tẹ lẹ́tà kan sí i, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni iṣẹ́ náà kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀ fún yín.

Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé kì í ṣe nǹkan kan náà là ń pè ní àṣìṣe. Èyí tí ẹ̀rọ ṣì kà, tí àwòrán fi hàn kedere pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe, kò nílò àlàyé. Èyí tó jẹ́ àkọtọ́ ìgbà náà kì í ṣe àṣìṣe rárá. "Aiye" àti "nwọn" tí ẹ rí, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ nígbà yẹn nìyẹn, bíi "enia", bíi "yio". Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tí atẹ̀wé ṣì tẹ̀ ni iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀.

Ẹ gbé "euia" yín wá ká wò ó. Mo mọ̀ pé "enia" ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ta ló ṣì í? Ẹ fẹ àwòrán náà títí lẹ́tà kan á fi tóbi bí àtàǹpàkò. Tó bá jẹ́ "n" lẹ ń rí, ẹ̀rọ ló ṣì í kà, ẹ tún un ṣe kí ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ "u" ni, ẹ rántí pé nínú ìwé àtijọ́, irin kéékèèké ni lẹ́tà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tò ó. Tí ẹni tó ń tò ó bá ki "n" bọlẹ̀ lódìkejì, á di "u". Ẹ wá "u" gidi kan lójú ìwé kan náà, ẹ fi wéra. Orí òpó méjèèjì lára "u" gidi, apá òsì nìkan ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ń yọ sí. "N" tó dojú kodò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà lókè, á sì yọ sí òsì àti ọ̀tún. Tí ẹ bá ti rí ìyẹn, ó ti dájú, àṣìtẹ̀ ni. Ẹ fi "euia" sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì fi hàn pé ẹ rí i.

Bí ẹ ṣe máa fi hàn án dúró lórí irú fáìlì tí ẹ ń lò. Tó bá jẹ́ TEI, ìlànà tí wọ́n fi ń sàmì sí ọ̀rọ̀ inú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ti òkè yìí wà fún àṣìtẹ̀, ti ìsàlẹ̀ wà fún àkọtọ́ àtijọ́:

```xml
<choice><sic>euia</sic><corr>enia</corr></choice>
<choice><orig>aiya</orig><reg>àyà</reg></choice>
```

Ẹni tó bá fẹ́ ka ojúlówó á rí i, ẹni tó bá fẹ́ ka èyí tó bá ìgbà mu á rí i, ẹni tó bá sì fi "àyà" wá ọ̀rọ̀ náà á bá a níbẹ̀. Ká ní mo mọ èyí nígbà náà ni, "i" mi ò ní sọnù. Tó bá jẹ́ fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹ ṣí fáìlì kejì fún àkíyèsí, ẹ kọ ojú ìwé, ìlà, ohun tí ẹ bá àti ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kó jẹ́. Ẹ sì yẹ ẹ̀yìn ìwé náà wò. Nígbà míì òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ti to àwọn àṣìtẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ó wà nínú tèmi, ẹ̀yìn oṣù kan ni mo tó rí i.

Ẹ pa àtúnṣe àdáṣe tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín o. Tèmi sọ gbogbo "ri i" di "ri I" láìsọ fún mi.

Àmì ìsàlẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ̀rọ ò bìkítà fún un, "ọkọ" àti "oko" ò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Tí yíǹkì bá ti ṣá, tí ẹ ṣì rí èérún àmì náà lábẹ́ lẹ́tà nígbà tí ẹ fẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ àmì náà. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan rárá, ẹ má fi ìmọ̀ yín kún un, ẹ tẹ̀ ẹ́ láìní àmì kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àkíyèsí. Irú àmì kan ṣoṣo ni kí ẹ sì máa lò. Àwọn kan ń tẹ tóótòòtó (`U+0323`), àwọn kan ń tẹ ìlà òòró kékeré (`U+0329`). Wọ́n jọra lójú, àmọ́ ẹni tó bá fi ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ kò ní rí èkejì.

Gbogbo "aya" tèmi ni mo ti yanjú báyìí, àfi ẹyọ kan. Ibi tí ìwé ti ká nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ló bọ́ sí: "Ọkàn rẹ̀ ati a", ibi tó ká wá gbé díẹ̀ mì, lẹ́yìn náà "ya rẹ̀ kò balẹ̀." Ọkùnrin náà níyàwó ní orí yẹn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó lè jẹ́ àyà, ó lè jẹ́ aya. Mi ò lè rántí ohun tó mú mi tẹ èyí tí mo tẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. `<unclear>aiya</unclear>` ni mo kọ síbẹ̀, mo sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ sínú àkíyèsí fún ẹni tó bá ní ìwé náà lọ́wọ́.