Títún gírámà ìwé ìbúra ṣe láì yí ọ̀rọ̀ olùbúra padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Ọ̀gá mi gbé ìwé ìbúra oníbàárà wa kan tí kò mọ̀wé, tí wọ́n kọ ní Yorùbá, fún mi pé kí n tún gírámà rẹ̀ ṣe. Ibo ni mo lè tún ṣe tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi ní di tèmi?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti búra sí i. Bí ó bá ti búra, ẹ má fi àmì kan ṣoṣo kún un mọ́, nítorí pé abala 114 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà béèrè pé kí kóòtù kọ́kọ́ fọwọ́ sí àtúnṣe, kí olùbúra sì tún ìbúra náà ṣe.

Bí kò bá tíì búra, ẹ wo irú gbólóhùn yìí: «Emi ati egbon mi lo si odo baale ni bi osu keji odun 2019, o gba owo naa, won si so fun mi pe won ti ta ile naa.» Ẹ lè fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì gé e sí gbólóhùn méjì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi àmì sórí «ile», ẹ bi í bóyá ilé ni tàbí ilẹ̀. Ta ni «o» tó gba owó, ẹ̀gbọ́n ni àbí baálẹ̀? Ó lè dá yín lójú pé baálẹ̀ ni, síbẹ̀ ẹnu olùbúra ni ìdáhùn ti gbọ́dọ̀ wá.

Ibi tí mo ti máa ń rí ewu jù ni «won si so fun mi pe». Ẹni tó fẹ́ kí gbólóhùn ṣe ṣókí lè yọ ọ́ kúrò, kí ó kọ pé «wọ́n ti ta ilẹ̀ náà». Nígbà náà ni olùbúra yóò wá di ẹlẹ́rìí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Abala 115 ní kí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn dárúkọ ẹni náà, kí ó sì sọ ìgbà, ibi àti bí ọ̀rọ̀ ṣe wáyé. Ẹ bi í ta ni ó sọ ọ́ fún un, níbo àti nígbà wo. Bí ó bá dá yín lóhùn pé ọmọ baálẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́ báyìí: «Ọmọ baálẹ̀, (orúkọ rẹ̀), ni ó sọ fún mi ní ààfin bàbá rẹ̀, ní ọjọ́ tí a lọ síbẹ̀, pé wọ́n ti ta ilẹ̀ náà, mo sì gbà á gbọ́.» Ẹ má yọ «bí» tó ṣáájú «oṣù kejì» pẹ̀lú, torí kò sọ pé oṣù náà dá òun lójú.

Òfin fẹ́ kí ìwé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà, níbi tí akọ̀wé àkọ́kọ́ bá ti kọ «olùbúra lọ», ẹ yí i padà sí «mo lọ». Ẹ má sọ «mo» di «a» láì bi í. Bí ẹ bá rí «ó lu mí ní jìbìtì», ìyẹn kì í ṣe ti gírámà mọ́; ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá yín, torí ìdájọ́ ni, kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀.

Ẹ tún ìwé náà tẹ̀ ní mímọ́ dípò kí ẹ máa fi bírò gé ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra lè kọ̀ láti gba èyí tó ṣòro kà. Ẹ kà á sí olùbúra létí kí ó tó búra, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí a túmọ̀ láti inú rẹ̀ gba àtúnṣe kan náà.