Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó nínú gbọ̀ngàn ńlá

"Mo fẹ́ bá àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá bíi 500 sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá kan lóṣù tó ń bọ̀. Gbogbo síláìdì mi ló ní àmì ohùn. Fọ́ǹtì méjì wo ló bá ara wọn mu, báwo ni mo sì ṣe máa mọ bó ṣe yẹ kí lẹ́tà tóbi tó?"

Irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi, ní Ìbàdàn. Mo to ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú síláìdì kan, ìwọ̀n lẹ́tà 24, torí pé ó hàn kedere lórí kọ̀ǹpútà mi nílé. Mo ń ṣàlàyé lọ ni ìyá kan na ọwọ́ láti ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ kọ lẹ́ẹ̀mẹrin tá a ń rí níbí." Ó dùn mí gan-an, torí ìyàtọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ gbéra nílé gan-an ni wọn kò rí.

Nígbà tí mo padà délé ni mo jókòó ṣírò rẹ̀. Aṣọ funfun tí wọ́n ń tan àwòrán sí lọ́jọ́ náà fẹ̀ tó mítà 4, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2 àti sẹ̀ntímítà 25. Ìlà àga tó gbẹ̀yìn jìnnà sí i tó mítà 30. Síláìdì gbọọrọ tí PowerPoint máa ń gbé wá fúnra rẹ̀ ga ní póìntì 540, póìntì yìí náà ni a sì fi ń wọn lẹ́tà. Tí ẹ bá pín sẹ̀ntímítà 225 sí ọ̀nà 540, póìntì kan yóò jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 4 lára aṣọ yẹn. Lẹ́tà 24 á wá jẹ́ bíi sẹ̀ntímítà 10. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn kì í ṣe gíga lẹ́tà fúnra rẹ̀, àyè tí lẹ́tà ń gbé inú rẹ̀ ni. Lẹ́tà kékeré bíi "o" máa ń ga tó bíi ìdajì rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ntímítà 5. Àmì abẹ́ rẹ̀ kò sì ju bíi ìdá mẹ́wàá àyè náà lọ, ìyẹn sẹ̀ntímítà kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní mítà 30, ojú tó dára dáadáa kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àlàfo àárín wọn bá kéré ju bíi mílímítà 9 lọ. Àmì abẹ́ tèmi àti àlàfo tó wà láàárín òun àti lẹ́tà wà ní etí ibi tí agbára ojú parí sí, bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà àti àmì ohùn orí rẹ̀. Èyí nìdí tí ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn tó ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi tó wa. Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lè fi ojú inú parí ọ̀rọ̀ tí kò rí tán. Àwa kò lè fi ojú inú mọ̀ bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀.

Látìgbà náà, ìwọ̀n tí mo ń lò ni pé kí n mú jíjìn àga tó gbẹ̀yìn, kí n pín in sí 300, kí n sì rí i pé lẹ́tà "o" kò kéré ju ohun tó bá jáde lọ. Mítà 30 á fún wa ní sẹ̀ntímítà 10. Pẹ̀lú aṣọ mítà 4 yẹn, ìwọ̀n 44 tàbí 48 nìyẹn fún ọ̀rọ̀ inú síláìdì, mo sì ń fi 60 kọ àkọlé. Lẹ́tà 44 yóò gba ọ̀rọ̀ bíi mẹ́fà tàbí méje lórí ìlà kan, ìlà mẹ́rin ni mo sì ń kọ. Ìkarùn-ún lè wọlé o, àmọ́ bí ilẹ̀ gbọ̀ngàn bá tẹ́ pẹrẹsẹ, orí àwọn tó wà níwájú ni yóò bo ìsàlẹ̀ aṣọ náà mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn lójú.

Tí ẹ kò bá fẹ́ràn ìṣirò, ẹ dán an wò nílé. Ẹ bi àwọn tó ni gbọ̀ngàn náà bí aṣọ wọn ṣe ga tó àti bí àga tó gbẹ̀yìn ṣe jìnnà tó. Mítà 30 lórí mítà 2.25 jẹ́ ìlọ́po 13 àti díẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká ínṣì 14 tèmi ga ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 17, nítorí náà mo máa ń ṣí síláìdì náà kó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, màá wá sún sẹ́yìn tó mítà 2 àti sẹ̀ntímítà 30. Bó ṣe rí lójú mi níbẹ̀ ni yóò ṣe rí lójú ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ pe ẹlòmíràn tí kò mọ ohun tẹ́ ẹ kọ kó bá yín kà á, torí ojú ẹni tó kọ ọ́ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ní ti fọ́ǹtì, kí ẹ tó wo ẹwà, ẹ kọ́kọ́ fi ìlà yìí dán an wò:

```
Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ ọkọ́ ọkọ̀ ń ǹ
```

Ẹ wo ṣ dáadáa. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ní ẹ àti ọ torí pé èdè Fiẹtínáàmù náà ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n èdè yẹn kò ní ṣ. Kọ̀ǹpútà á wá yá ṣ láti inú fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún yín, ẹ ó sì rí i pé ó sanra tàbí pé ó tín-ín-rín ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èkejì, kò sí ẹ̀dà ẹ́ tàbí ọ̀ kan tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ẹyọ kan nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Àmì ohùn ni a ń gbé lé ẹ àti ọ lórí, bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá sì pèsè àyè fún un, àmì náà á yẹ̀ sọ́tùn-ún, á lọ jókòó sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó gún orí lẹ́tà ńlá.

Èyí tí mo ń lò báyìí ni Noto Serif tó dúdú kirikiri fún àkọlé àti Noto Sans fún ọ̀rọ̀ inú. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ lára lẹ́tà, èkejì kò ní, nítorí náà ojú tètè mọ àkọlé yàtọ̀, àmì àwọn méjèèjì sì jókòó síbi tó yẹ. Andika tí àjọ SIL ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà náà dára púpọ̀. Ìlà rẹ̀ kan máa ń jìnnà síra, kò ní gbà tó ti Noto. Gentium, tí àwọn SIL yìí náà ṣe, lẹ́wà nínú ìwé, àmọ́ ibi tó ti tín-ín-rín máa ń parẹ́ bí iná gbọ̀ngàn bá mọ́lẹ̀. Ìwé tí mo bá fẹ́ pín fún àwọn èèyàn ni mo fi ń kọ.

Àwọn ohun méjì kan wà tí PowerPoint máa ń ṣe fúnra rẹ̀ tó lè ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ó sábà máa ń fún ìlà mọ́ra sí 0.9, àmì abẹ́ ìlà òkè á wá kan àmì orí ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ dá a padà sí 1.0 ní Line Spacing, kẹ́ ẹ sì fi kún un bí wọ́n bá ṣì ń kan ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì pọ̀, ó máa ń dín lẹ́tà kù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, 44 yín á di 36 láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ yan Do not Autofit. Bí ọ̀rọ̀ kò bá gbà, ẹ pín síláìdì náà sí méjì.

Nígbà kejì tí mo lọ sọ̀rọ̀ náà, síláìdì méjì ni mo fi kọ ọkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwọ̀n 96, méjì méjì. Mo ní kí ìlà ẹ̀yìn kà á sókè kí n tó sọ ohunkóhun. Wọ́n ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìṣì ọ̀kan.

Ẹ má gbàgbé pé kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn lè má ní Noto. Ẹ fi fọ́ǹtì sínú fáìlì ní Embed fonts in the file, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà PDF dání. Kí àwọn èèyàn tó dé, ẹ gbé ìlà ìdánwò yẹn sójú aṣọ, kí ẹ rìn dé àga tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì wo ṣ.